Ọmọ ọdún 14 nídìí ẹ̀rọ gàrí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò wa. Mo ní ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti ibi tí a ti ń yan gàrí lẹ́bàá Àgọ́-Ìwòyè. Ẹni tó ń bá mi dúró nídìí ẹ̀rọ ti lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 14, wà lọ́dọ̀ mi fún ìsinmi, ó sì fẹ́ rí owó ìwé rẹ̀. Ṣé mo lè fi í síbẹ̀ títí wọn yóò fi wọlé? Tí ọjà bá ku ọ̀la, aago 4 òru la máa ń jí yan gàrí. Ọmọ aládùúgbò mi kan, ọmọ ọdún 17, náà ń bẹ̀ mí fún iṣẹ́.

Ìdáhùn: Rárá o, mà. Ẹ má fi í sídìí ẹ̀rọ, ì báà ṣe fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀nà méjì ni Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa gbà dí i. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 15 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ nǹkan di ọjà títà, àyàfi tó bá jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 ẹ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn èèyàn a máa rò pé ilé-iṣẹ́ ńláńlá bí irú èyí tó wà ní Ṣágámù ni òfin yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n òfin kò béèrè bí ilé ṣe tóbi tó, ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀ ló ń béèrè. Tí ẹ̀gẹ́ bá wọlé, tí gàrí jáde, tí ẹ kó o lọ sí Òkè-Ajé láti tà, ó ti kàn yín.

Mo mọ̀ pé ẹ óò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni, kì í ṣe àlejò. Òótọ́ ni pé òfin fi àyè sílẹ̀ fún ẹbí, pàápàá Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti sọ di tirẹ̀. Àmọ́ àyè náà ní ààlà: iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ọgbà tàbí iṣẹ́ ilé. Tí ọmọ náà bá bá yín lọ sóko, tó ro ìdí ẹ̀gẹ́, tó gbin igi ẹ̀gẹ́, tó bá yín gbálẹ̀, ẹ kò rú òfin. Tó bá jókòó nílé tó bo ẹ̀gẹ́ tí ẹ óò jẹ, ìyẹn náà kò burú. Ìgbà tí ọmọ bá wọ abẹ́ àtíbàbà tí ẹ̀rọ wà, tó sì ń ṣe iṣẹ́ tí ọkùnrin tó lọ yẹn ń ṣe, ìgbà náà ni orúkọ ẹbí kò lè gbà yín sílẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹ̀rọ náà fi ń bà mí lẹ́rù. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára ni wọ́n yí mọ́ ohun tó ń yí nínú rẹ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ihò wọ̀nyẹn ló mú bí eyín. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ìwúwo rẹ̀ ló ń tì í sísàlẹ̀. Tó bá wá ku díẹ̀, èyí tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta lókè, kò ní wọlé. Àgbà tó mọṣẹ́ á mú igi tì í. Ọmọdé tó ń kánjú á fi ọwọ́ tì í, ibẹ̀ sì ni ìka ti ń lọ. Ẹ tún wo bẹ́líìtì tó wà láàárín ẹńjìnnì àti ẹ̀rọ. Lọ́pọ̀ ibi tí mo ti dé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọn kì í fi nǹkan bò ó. Ẹ̀wù tó fẹ̀ ní apá nìkan tó fún un láti fa èèyàn mọ́ra. Mo ti bá ìyá kan jókòó ní ilé ìwòsàn lórí irú rẹ̀. Ọmọ náà kò ju ọdún 13 lọ, kò sì sí ohun tí ìwé òfin èyíkéyìí lè dá padà fún un.

Ìdí agbada náà kò dáa fún un. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì nínú, ó sì ń bá oru jáde bí a bá ń yan gàrí, yàtọ̀ sí èéfín igi. Òfin sọ pé ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ tó lè pa ìlera rẹ̀ lára tàbí tó léwu. Àpò ẹ̀gẹ́ tútù tí ẹ ń gbé sábẹ́ jáàkì kí omi lè fún jáde, ẹ má gbé e ru ọmọ. Òfin kò dárúkọ iye kílò. Ohun tó sọ ni pé ẹrù náà kò gbọdọ̀ wúwo débi tí yóò fi dí ìdàgbàsókè ara rẹ̀ lọ́wọ́. Tí ẹ bá rí i tó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá gbé e, ó ti wúwo jù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ wákàtí, torí iṣẹ́ oko tí mo ní ó lè bá yín ṣe náà ní ìwọ̀n. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4 lọ láì sinmi, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ìjọba fún gbogbo ìlú ní ìsinmi, bí ọjọ́ Iléyá. Ní ti òru, ó gbọ́dọ̀ ní wákàtí 12 tó tẹ̀ léra tí kò fi ní ṣiṣẹ́, aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Tó bá bá yín lọ sóko ní aago 7 àárọ̀, ó ti gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti aago 7 ìrọ̀lẹ́ àná. Nítorí náà, tí ẹ bá ń jí láago 4 nítorí ọjà, ẹ jẹ́ kó máa sùn. Bí mo bá jẹ́ yín, wákàtí 3 láàárọ̀ ni mo máa fún un lóko, màá san owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀sán á sì jẹ́ tirẹ̀.

Ọmọ ọdún 17 yẹn le díẹ̀. Tó bá jẹ́ Òfin Iṣẹ́ nìkan là ń wò, ó ti kọjá ọjọ́ orí tí wọ́n fi dí ẹ̀rọ, àmọ́ iṣẹ́ tó léwu àti iṣẹ́ òru ṣì ká a mọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ló wá sé ilẹ̀kùn: ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé 18 lójú rẹ̀, ẹbí nìkan ló sì fi àyè iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún. Ẹni tó bá rú u lè san owó ìtanràn tí kò ju 50,000 náírà lọ tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún 5, wọ́n sì lè fún un ní méjèèjì. Níbi tí òfin méjì kò bá ti bára mu, èyí tó le jù ni mo máa ń ní kí èèyàn tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kó pé ọdún 18 kó tó wá. Ẹ má sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lásán kí ẹ lè fi í sídìí ẹ̀rọ. Ìkọ́ṣẹ́ tí òfin mọ̀ ní ìwé àdéhùn tí aṣojú ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí.

Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín lónìí, kí ẹ sọ fún wọn ohun tí ọmọ wọn yóò máa ṣe lóko àti aago tí yóò máa padà wálé. Tí àwọn òbí bá ní àwọn kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ṣiṣẹ́ náà, ì báà jẹ́ lẹ́nu nìkan, ẹ gbọ́dọ̀ dá a dúró.