Òǹtẹ̀ bodè kì í ṣe ìwé ìgbélùú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹkárá ni mò ń tà ní ọjà kan ní Àkírà, olú ìlú Gáánà. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo máa ń kọjá sí Tógò ní bodè Afláò, tí mo bá sì padà wọlé, wọ́n á lu òǹtẹ̀ tuntun fún mi. Wọ́n ní Ẹkówáàsì ti sọ pé kò sí físà láàárín wa, pé òǹtẹ̀ yẹn ti tó láti fi gbé ìlú àti láti fi ṣòwò. Kí ló dé tí àwọn ìmígíréṣọ̀n tún ń bèèrè ìwé míì lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹni tó sọ fún yín pé òǹtẹ̀ ti tó kò sọ òótọ́. Irọ́ yìí ti kó ọ̀pọ̀ oníṣòwò sí wàhálà, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó ń gbowó ní bodè ló ń tàn án kálẹ̀ jù.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ẹkówáàsì fọwọ́ sí ní Dàkáà lọ́dún 1979 pín ẹ̀tọ́ wa sí mẹ́ta. Èkíní ni kéèyàn wọlé láìgba físà, kó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ ó pẹ́ jù. Èkejì ni kéèyàn máa gbé ìlú náà kó sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún 1986 ni àfikún àdéhùn lórí ìyẹn jáde, òun ló sì ní kí àlejò gba káàdì tàbí ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Ẹ̀kẹta, ti ọdún 1990, ni kéèyàn dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ èkíní nìkan ni òǹtẹ̀ yín wà fún. Bí wọ́n bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀tọ́ èkíní yẹn náà lẹ gbà lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò di èkejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó wọ Gáánà ní ọjọ́ 3 oṣù kejì tó ní ọjọ́ 28, ká ka ọjọ́ tó wọlé mọ́ ọn, yóò lo 26 ọjọ́ nínú oṣù náà, 31 nínú oṣù kẹta, 30 nínú oṣù kẹrin. Ó di 87. Ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ni 90 pé. Bó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àdéhùn ní kó lọ gba àyè sí i lọ́wọ́ ìmígíréṣọ̀n kí ọjọ́ tó pé. Kò sọ pé kó sáré lọ sí Lọ̀mẹ́ kó sì padà wá. Òṣìṣẹ́ tó bá rí òǹtẹ̀ tó tò lọ bẹẹrẹ nínú ìwé ìrìnnà yín ti mọ̀ pé ẹ kì í ṣe àlejò ọjọ́ díẹ̀, ìjọba sì ní àyè nínú àdéhùn náà láti dá ẹni tí òfin ìlú wọn kò gbà wọlé padà. Ẹ tún máa wo iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú òǹtẹ̀ gan-an kí ẹ tó kúrò níwájú wọn. Bó bá dín ní 90, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bèèrè, nítorí ohun tí wọ́n kọ ni ẹni tó kàn yóò kà.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé lórí ọ̀kadà tiẹ̀ ti sọ 90 ọjọ́ náà nù, torí kò sí ọjọ́ kankan tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ kíkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó mú pépà NIN nìkan dání. Ìwé tí àdéhùn mọ̀ gbọ́dọ̀ ní fọ́tò, kó sì ní ojú tí wọ́n lè lu òǹtẹ̀ sí: ìwé ìrìnnà, ìyẹn páásípọ́ọ̀tù, tàbí ìwé ẹ̀rí ìrìnnà ti Ẹkówáàsì. Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú.

Ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yín nìyí o: bí ẹ bá rí ìwé ìgbélùú gbà pàápàá, òfin ìdókòwò Gáánà ti ọdún 2013 fi òwò inú ọjà, ìkiri ọjà àti títà nínú kíóòsì sílẹ̀ fún ọmọ ìlú nìkan. Sálúùnù ìṣerun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹkówáàsì kò tíì yọ yín kúrò lábẹ́ òfin yẹn lójú àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀bù pa. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ìsọ̀ ọdún mìíràn, ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin àlejò ní Gáánà níbẹ̀. Kó bá yín wo bóyá ẹ lè gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíì pẹ̀lú ìwé iṣẹ́, tàbí kí ẹ máa kó ọjà wá tà fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ọmọ ìlú láàárín 90 ọjọ́ kí ẹ sì padà sílé. Mi ò rí ìwé yín, ẹ má fi èsì yìí rọ́pò lọ́yà.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá lórí òǹtẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ má lọ sí bodè láti lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n nínú ìlú ni kí ẹ lọ, ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání, kí ẹ sì gba rìsíìtì fún gbogbo owó tí wọ́n bá ní kí ẹ san.