ATM kò sanwó, àkáǹtì ti dínkù: báńkì tó ni káàdì yín ni kẹ́ ẹ mú

"Ẹ jọ̀wọ́ o, mo lọ gbowó ní ATM báńkì mìíràn lánàá. Ẹ̀rọ náà ń ró, ó ń ró, kò sanwó, àmọ́ aláàtì wọlé pé wọ́n ti yọ 20,000 náírà. Ṣé á padà fúnra rẹ̀ ni, àbí kí n lọ sí báńkì? Èwo nínú báńkì méjèèjì ni kí n lọ?"

Báńkì tó fún yín ní káàdì ni. Bí ẹ bá lọ bá àwọn tó ni ẹ̀rọ, wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà sí báńkì yín, òótọ́ sì ni wọ́n sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu tí wọ́n fi máa ń sọ ọ́ kì í dùn-ún gbọ́. Ẹ pe báńkì yín tàbí kẹ́ ẹ lọ síbẹ̀, ẹ fẹjọ́ sùn, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ìyẹn ò le. Ohun tó le ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òun ni mo fẹ́ sọ, torí ojú mi rí màbo.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí owó ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ yín láìdé ọwọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá tẹ 20,000, ẹ̀rọ náà á ránṣẹ́ sí báńkì tó ni ín, ìyẹn á fi í ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báńkì pọ̀, irú Interswitch, kó tó dé báńkì yín. Báńkì yín á wo àkáǹtì, á yọ owó náà lójú ẹsẹ̀, á wá ránṣẹ́ padà pé kí wọ́n sanwó. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Àkáǹtì yín ti dínkù kí bébà owó kan tó mì nínú àpótí. Bí owó bá há, tàbí tí ẹnu ẹ̀rọ ò ṣí, ó yẹ kí ẹ̀rọ náà tún ránṣẹ́ mìíràn gba ọ̀nà kan náà pé: "N kò san án, ẹ dá a padà." Iṣẹ́ tó ń jẹ́ yìí ni àwọn èèyàn ń pè ní "rìfásà". Tó bá dé, owó á padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí pé ẹ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ, tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lásìkò tó yẹ kó jíṣẹ́, báńkì yín ò ní gbọ́ nǹkan kan. Lójú tiwọn, ẹ ti gbowó yín, ẹ ti lọ sílé.

Nítorí náà, bí owó ò bá tíì padà láti àná, ẹ má jókòó máa retí rẹ̀. Èyí tó máa padà fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ wo ìwé àkáǹtì yín nínú áàpù, ẹ má wo aláàtì nìkan. Owó lè ti wọlé kí aláàtì má dé. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RVSL tàbí REV sí.

Ọ̀rọ̀ tèmi rèé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, oníṣẹ́ tó kan òrùlé fún wa ń dúró de 40,000 náírà. 47,300 ló wà nínú àkáǹtì mi. ATM báńkì mìíràn ni mo lò, kì í sì í san ju 20,000 lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà mo gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ jáde wẹ́rẹ́ ní 5:42. Wọ́n yọ 20,000 pẹ̀lú 100 náírà owó iṣẹ́, ó ku 27,200. Ìkejì, ní 5:44, mo gbọ́ bó ṣe ń ka owó, gbarara, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ẹnu ẹ̀rọ ò ṣí. Ojú rẹ̀ ṣú, ó tàn padà, ó kọ "Temporarily out of service", ó tu káàdì mi jáde, rìsíìtì kankan ò bá a jáde. Fóònù mi dún: ó ku 7,100. Mo dúró síbẹ̀, àwọn tó wà lórí ìlà ń kùn, èmi ò yẹsẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí nígbà mìíràn ẹ̀rọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ ti owó jáde lẹ́yìn tó ti sinmi díẹ̀, ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀ ló sì máa kó o. Ẹ dúró títí á fi tàn padà dáadáa. Ẹ má sì tẹ owó mìíràn lórí ẹ̀rọ kan náà láti fi dán an wò.

Ní ọjọ́ Ajé mo dé báńkì mi. Arábìnrin tó wà ní kántà ò tilẹ̀ gbójú sókè: "Ẹ ṣe sùúrù sà, á padà." Sùúrù wo? Òfin CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, wà nílẹ̀ láti ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2020. Bó bá jẹ́ ATM báńkì tẹ́ ẹ ní àkáǹtì sí gan-an ni, kíákíá ni kí owó padà. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fọwọ́ ṣe é láàárín wákàtí 24. Bó bá jẹ́ ATM báńkì mìíràn, irú tiyín àti tèmi, wákàtí 48 ni. Mo ka òfin yìí sí i létí, ó ní àwọn náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ ọ́n! Mo ní kó kọ ẹ̀sùn mi sílẹ̀ níṣojú mi, kó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Bí wọn ò bá tíì fún yín ní nọ́ńbà, ẹ fi sọ́kàn pé ẹ ò tíì fẹjọ́ sùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n pè mí pé báńkì tó ni ẹ̀rọ ti fèsì, wọ́n ní àwọn sanwó fún mi, ẹ̀rí sì wà. Àyà mi já. Mo lọ, mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn mí. Wọn ò fẹ́ fi í hàn, wọ́n ní ìwé inú ilé ni. Mo jókòó tì wọ́n títí máníjà fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé náà jẹ́ àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀ nípa gbogbo ohun tó ṣe: ìgbà tí káàdì wọlé, iye tí a tẹ̀, iye bébà owó tó jáde. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà káàdì mi wà níbẹ̀, 20,000 wà níbẹ̀, òótọ́ ló san án. Ṣùgbọ́n aago tó wà lórí rẹ̀, 5:42 ni! Ti àkọ́kọ́ tí mo gbà, tí mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí, ni wọ́n fi ń ti ẹjọ́ ìkejì. Káàdì kan náà, iye kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ìṣẹ́jú méjì ló wà láàárín wọn, ẹni tó yẹ kó wò ó dáadáa kàn mú èyí tó kọ́kọ́ rí. Báńkì tèmi náà gbà á bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti fẹ́ pa ẹ̀sùn náà dé.

Ohun tó yọ mí lọ́wọ́ ìyà yẹn ni RRN. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ní díjíìtì 12 ni, gbígbà owó kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, méjì kì í jọra bó ti wù kí wọ́n súnmọ́ra tó. Ó máa ń wà lórí rìsíìtì. Bẹ́ ẹ ò bá gba rìsíìtì, bíi tèmi, ó wà lórí kọ̀ǹpútà báńkì yín, ẹ ní kí wọ́n wá a. Mo kọ lẹ́tà tuntun, ojú ewé kan péré. Mo kọ RRN ti 5:42, mo ní èyí dé ọwọ́ mi. Mo kọ RRN ti 5:44, mo ní èyí kò dé ọwọ́ mi, òun nìkan ni mo ń sọ. Mo ní kí báńkì tó ni ẹ̀rọ mú àkọsílẹ̀ ti 5:44 wá, pẹ̀lú èsì owó tí wọ́n kà nínú ẹ̀rọ náà.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún owó kó sínú ẹ̀rọ, wọ́n á ka èyí tó ṣẹ́kù. Ká ní mílíọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n kó sí i, tí ìwé sì ní ó ti san 3,600,000, ó yẹ kí 400,000 ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá bá 420,000, ta ló ni 20,000 tó lé? Owó tó lé yẹn kì í ṣe ti báńkì, ti ẹni tí ẹ̀rọ yọ lówó tí kò san fún ni. Bí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ní òun sanwó, tó jẹ́ pé owó há sí ẹnu rẹ̀, kíka yìí ló máa tú àṣírí. Lẹ́tà yẹn ló ṣiṣẹ́. Wọ́n dá 20,000 padà, wọ́n gbàgbé 100 náírà owó iṣẹ́. Mo padà lọ béèrè rẹ̀, wọ́n ń wò mí bí ahun. Ẹ béèrè tiyín náà. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, 100 náírà ni wọ́n ń gbà lórí 20,000 ní ATM báńkì mìíràn, bí ẹ̀rọ náà bá sì wà níta ọgbà báńkì, owó mìíràn tó lè tó 500 tún lè gun orí rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọn ò ṣe, ẹ ò gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀.

Nǹkan kan rèé o: ẹ má gbé ẹ̀sùn yìí sí abẹ́ ojú ewé báńkì lórí Facebook tàbí X pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù yín. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan tó fi àmì báńkì náà ṣe àwòrán rẹ̀ á fi kọ̀wé sí yín, á ní òun fẹ́ dá owó yín padà, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà káàdì àti OTP fún òun. Owó tó ń padà kò nílò OTP. Kò nílò PIN. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá 10,000 lọ, gbogbo owó oṣù rẹ̀ ló bá a lọ.

Mo ti ń ṣáko. Tiyín, ẹ̀ẹ̀kan lẹ gbowó, nítorí náà ó lè má díjú tó tèmi. Ẹ lọ sí báńkì yín lónìí, ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tí ẹ̀rọ wà, iye owó àti RRN sínú ẹ̀sùn náà. Bí wákàtí 48 bá kọjá, ẹ tún kọ̀wé sí wọn lórí nọ́ńbà ẹ̀sùn kan náà, ẹ má ṣí ẹ̀sùn tuntun, torí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé láìsí ojútùú, ẹ kọ íméèlì sí cpd@cbn.gov.ng, ibẹ̀ ni ẹ̀ka CBN tó ń gbèjà oníbàárà. Wọn ò ní dá yín lóhùn bí ẹ ò bá tíì kọ́kọ́ fi sun báńkì yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ so lẹ́tà yín mọ́ ọn, pẹ̀lú ojú ewé ìwé àkáǹtì tí owó náà ti kúrò, àti èsì tí báńkì bá fún yín. Bí èsì wọn bá ní ẹ̀rọ sanwó, ẹ kọ́kọ́ wo aago tó wà lórí rẹ̀.