Owó ọkọ̀ tó yí padà lójú ọ̀nà, àti sáńpùlù tí mo fọwọ́ ṣà

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbàárà kan láti Tọ́kì ní kí n fi iye owó yànmọ̀tí ránṣẹ́ sí òun, CIF Mersin, ìyẹn kí owó ọkọ̀ òkun àti adójútòfò dé èbúté Mersin wà nínú rẹ̀, kí n sì fi sáńpùlù tẹ̀ lé e. Ìlà kan ni mo fẹ́ kọ: iye tọ́ọ̀nù kan, CIF, sáńpùlù wà nílẹ̀. Ṣé ó tó, àbí ó ku nǹkan kan?"

Àbúrò, dáwọ́ dúró ná, má tíì tẹ̀ ẹ́ lọ. Irú ìlà kan yẹn gan-an lèmi náà kọ nígbà kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì gbowó lápò mi lórí kòńténà kan ṣoṣo. Owó ọkọ̀ ló kọ́kọ́ gbà á, sáńpùlù ló tún padà wá gbà á.

Bí mo ṣe ṣírò tèmi nìyí. Iye tí mo lè tà á tí ẹrù bá ti wà lórí ọkọ̀ ní èbúté ọ̀dọ̀ mi jẹ́ 1,500 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Ìyẹn ni FOB. Ejẹ́ńtì ọkọ̀ òkun ní òun yóò gba 1,900 dọ́là lórí kòńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20. Tọ́ọ̀nù 19 ni mo máa ń kó sínú irú kòńténà bẹ́ẹ̀, ìyẹn àpò 380 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 50. Bí o bá pín 1,900 sí 19, ọgọ́rùn-ún dọ́là ló bọ́ sórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ó di 1,600. Ó wá ku owó adójútòfò. Gbogbo ẹni tó bá ń ta ọjà CIF gbọ́dọ̀ ra adójútòfò tó bo iye ọjà náà àti ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ lé e, iye tí wọ́n sì bù fún mi jẹ́ sẹ́ǹtì 30 lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ó wọ dọ́là márùn-ún àti díẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan. Mo kọ 1,605.30, mo sì fi ímeèlì náà ránṣẹ́. N kò fọjọ́ sí i. N kò sọ owó ọkọ̀ tí mo bá ṣírò.

Oníbàárà dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọjọ́ tó fèsì, ọ̀rọ̀ kan ló kọ: "A gbà." Ayọ̀ ńlá! Mo sáré pe ejẹ́ńtì pé kó bá mi gba ààyè lórí ọkọ̀, ó ní 3,800 ni báyìí. Ìlọ́po méjì. Èmi ni mo sanwó ọkọ̀ nínú CIF, èmi náà ni mo ti sọ iye tí kò ní ààlà, kí ni mo tún fẹ́ bá oníbàárà jà lé lórí? Mo san 1,900 dọ́là tí kò sí nínú ìṣírò mi. Gbogbo èrè inú kòńténà yẹn kò tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, má fi CIF nìkan ránṣẹ́. Kọ iye méjèèjì sínú ímeèlì kan náà, FOB lókè, CIF nísàlẹ̀, kí o sì dárúkọ èbúté àti ẹ̀dà Incoterms tí o ń lò, ìyẹn òfin àgbáyé tó sọ owó àti ewu tí olùtà àti olùrà máa gbé:

```
USD 1,500.00/MT FOB [èbúté rẹ], Incoterms 2020
USD 1,605.30/MT CIF Mersin, Incoterms 2020
```

Abẹ́ rẹ̀ ni kí gbólóhùn tó lè gbà ọ́ wà. Ní Yorùbá ni mo kọ ọ́ síbí, ìwọ yí i sí èdè tí oníbàárà rẹ gbọ́: "Iye CIF yìí dúró lórí owó ọkọ̀ 1,900 dọ́là fún kòńténà kan tó gba tọ́ọ̀nù 19. Bí owó ọkọ̀ bá yí padà kí a tó gba ààyè lórí ọkọ̀, ohun tó bá lé tàbí tó bá dín, ti olùrà ni." Oníbàárà tó mọ ọjà kì í bínú sí gbólóhùn yẹn. Òun náà mọ̀ pé owó ọkọ̀ kò dúró sójú kan, bí ó bá sì rí ẹni tó lè bá a gbé e lówó pọ́ọ́kú, FOB ni yóò mú, wàhálà ọkọ̀ ti kúrò lọ́rùn rẹ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ńkọ́? Fún un ní ọjọ́ àti aago, kí o sì sọ pé aago ìlú ta ni. Àmọ́ ẹ̀gẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó pọ̀ ti fọwọ́ sí àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ọjà títà láàárín orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ṣe ní Fíẹ́nà ní 1980. Níbi tí òfin yẹn bá ti ń ṣiṣẹ́, bí o bá sọ pé iye rẹ wà títí di ọjọ́ báyìí, o kò lè fà á sẹ́yìn mọ́ kí ọjọ́ náà tó pé, bí ọjà bá tiẹ̀ fò sókè lọ́la. Bí o kò bá fẹ́ kí ó dè ọ́ bẹ́ẹ̀, fi kún un pé kò tíì di àdéhùn àfi ìgbà tí ìwọ alára bá kọ̀wé padà láti jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi máa ń fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rà kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kejì tí wàá rí ni pé àwọn oníbàárà kan gbà pé CIF túmọ̀ sí pé ọrùn rẹ ni ẹrù wà títí ó fi dé Mersin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ ló bá ọ dé Mersin. Ewu kò bá ọ débẹ̀: ìgbà tí ẹrù bá ti wà nínú ọkọ̀ ní èbúté ọ̀dọ̀ rẹ ló ti kọjá sí ọ̀dọ̀ olùrà. Adójútòfò tí òfin sì ní kí o rà nínú CIF ni èyí tó kéré jù lọ, tí wọ́n ń pè ní Clauses (C). Ó bo ohun bíi kí ọkọ̀ rì tàbí kó gbiná, ṣùgbọ́n kò bo àpò tí òógùn inú kòńténà rin gbindin. Sọ èyí fún oníbàárà ní gbólóhùn kan, kí o sì bi í bóyá ó fẹ́ kí o ra èyí tó ga jù, Clauses (A), kí ó san ìyàtọ̀ rẹ̀. Ó sàn kó mọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí ju kó mọ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣílẹ̀kùn kòńténà.

FOB alára ní àléébù tirẹ̀ fún ẹrù inú kòńténà, bí gbogbo wa tilẹ̀ ń lò ó. Ọgbà kòńténà lo máa gbé ẹrù sí, o sì lè máa retí ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ọrùn rẹ ni ewu wà, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ. FCA ló bá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mu jù, torí ibi tí o bá ti fà á lé ọwọ́ ẹni tí olùrà yàn ni ewu ti kúrò lọ́rùn rẹ. Bí olùrà bá kọ̀ tó ní FOB lòun fẹ́, tà á fún un, ṣùgbọ́n mọ ohun tí o ń gbé.

Ó yá, sáńpùlù. Ibí ni mo ti ṣe òmùgọ̀ jù.

Nígbà tí oníbàárà yẹn béèrè, mo bu yànmọ̀tí sínú atẹ́, mo jókòó ti iyawo mi, a ṣa gbogbo òkúta, igi àti hóró dúdú kúrò. Ó funfun bí eyín ọmọdé. Ìdajì kílò ni mo fi ránṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí ẹrù rí "bíi sáńpùlù". Ọjọ́ tí kòńténà dé, wọ́n gbé tibẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò: ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ yànmọ̀tí, sáńpùlù mi sì lé ní 99. Wọ́n gé 40 dọ́là kúrò lórí tọ́ọ̀nù kan. Bá mi fi 19 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 760. N kò lè jiyàn, torí n kò fi ẹyọ hóró kan pamọ́ nínú ohun tí mo fi ránṣẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Inú ẹrù tí mo fẹ́ tà gan-an ni mo ti ń mú un, pẹ̀lú irin oníhò tí wọ́n fi ń gún àpò. Nínú àpò 380, mo máa ń gún 38, káàkiri ibi tí wọ́n tò ó sí, kì í ṣe àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan. Mo ń gún òkè àpò, àárín àti ìdí rẹ̀, torí eruku àti òkúta máa ń sọ̀ kalẹ̀ sídìí. Mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí tapólínì mímọ́, mo rò ó pọ̀ dáadáa, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo fi pátákó pín in sí mẹ́rin. Mo kó ìdá méjì tó kọjú síra wọn kúrò, mo tún ìdá méjì tó kù pò, mo tún pín in. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀. Ìyẹn ni mo pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ìdajì kílò lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún ilé àyẹ̀wò, ọ̀kan sínú àpótí mi. Inú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni kí o dì í sí, nítorí bí atẹ́gùn bá ń wọlé, omi inú rẹ̀ yóò yí padà kó tó débẹ̀, èsì àyẹ̀wò rẹ àti tirẹ̀ kò sì ní bára mu. Kọ nọ́ńbà ẹrù, iye àpò àti ọjọ́ sí ara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o ya fọ́tò rẹ̀.

Nínú ímeèlì, sọ irú sáńpùlù tó jẹ́. Bí ẹrù kò bá tíì sí nílẹ̀, sọ pé ó kàn ń fi irú ọjà tí o ń tà hàn ni, pé èyí tí yóò dè yín ni èyí tí ẹ ó mú nínú ẹrù gan-an kí ó tó wọ ọkọ̀. Má sì jẹ́ kí "bíi sáńpùlù" dá dúró nínú àdéhùn. Nọ́ńbà ni kí o kọ: yànmọ̀tí mímọ́ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 98, omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 6 lọ, tàbí iye yòówù tí ẹrù rẹ bá gbé.

Sáńpùlù lọ́fẹ̀ẹ́, owó kúríà lọ́rùn olùrà: bí mo ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo ní kí ó fi nọ́ńbà àkáǹtì kúríà rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí kò lè san owó kúríà ìdajì kílò, ta ni yóò san ti tọ́ọ̀nù 19? Bi í pẹ̀lú bóyá aṣọ́bodè ìlú rẹ̀ ń béèrè ìwé ẹ̀rí pé kòkòrò kò sí nínú irúgbìn, torí mo ti rí sáńpùlù tí wọ́n sun níná nítorí ìwé yẹn. Lórí ínfọ́ìsì rẹ̀, kọ iye kékeré kan, bíi dọ́là méjì, kí o sì kọ pé sáńpùlù ni, kò wà fún títà. Òdo máa ń mú kí wọ́n dá a dúró.

Tèmi tó wà nínú àpótí kì í kúrò níbẹ̀ títí ìgbà tí oníbàárà lè fi ẹjọ́ sùn lórí ẹrù náà bá ti kọjá.