Kí ni à ń yà sọ́tọ̀ lára okùn tó ń gbọ̀n?

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìtumọ̀ 'yíya oníyípadà sọ́tọ̀' gan-an nínú ìdọ́gba ìgbì ti okùn tí a so ní ìpẹ̀kun méjèèjì? Ìwé wa kàn ní kí a fi u(x,t) = X(x)T(t), ó tún fi àmì ìyọkúrò síwájú λ bí ẹni pé àṣà ìdílé ni. Ta ló fún wa láṣẹ? Okùn tí mo fi ìka fà sókè kò sì rí bíi sáìnì rárá."

Ẹ ronú nípa ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Òkúta bọ́ sí apá kan, ẹ̀wà bọ́ sí apá kejì. Irú "yà" tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ nìyẹn: gbogbo ohun tó mọ x lọ sí apá kan àmì ìdọ́gba, gbogbo ohun tó mọ t lọ sí apá kejì. Ara okùn kọ́ là ń yà o. Ìṣirò là ń yà.

Kò sì sí ẹni tó fún wa láṣẹ. Àbá lásán ni X(x)T(t), a kàn fẹ́ mọ ibi tó máa gbé wa dé. Ṣùgbọ́n àbá náà ní ìtumọ̀ tí ojú lè rí. X ni ìrísí okùn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. T jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń sọ ìrísí yẹn di ńlá, tó ń sọ ọ́ di kékeré, tó sì ń dojú rẹ̀ dé bí àkókò ti ń lọ. Ohun tí a ń bi okùn ni pé: ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí o lè gbà gbọ̀n tí ìrísí rẹ kò fi ní yí padà, tó fi jẹ́ pé gíga rẹ̀ nìkan ni yóò máa yí?

Ìdọ́gba ìgbì fúnra rẹ̀ nìyí:

u_tt = c² u_xx, u(0,t) = 0, u(L,t) = 0

Ní èdè tiwa: ibi tí okùn bá ti tẹ̀ jù ni agbára tó ń dá a padà ti pọ̀ jù. Bí a bá pe agbára tí a fi na okùn ní F, tí a sì pe ìwúwo mítà kan rẹ̀ ní μ, c² jẹ́ F/μ. Bí a bá fi àbá wa sínú rẹ̀, yóò di X T'' = c² X'' T. Ẹ wá fi c² X T pín apá méjèèjì:

T''/(c² T) = X''/X

Ẹ dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sáré kọjá. Apá òsì kò mọ x rí, apá ọ̀tún kò mọ t rí. Ẹ jẹ́ kí t yí padà, kí x dúró sójú kan. Apá ọ̀tún kò lè mira, torí kò sí t nínú rẹ̀. Apá òsì, tó gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba nígbà gbogbo, kò lè mira náà. Nítorí náà nọ́ńbà kan tí kì í yí padà ni àwọn méjèèjì. Òun ni ìwé yín pè ní −λ. (Bí ẹnì kan bá ní a kò lè fi òdo pín nǹkan, òótọ́ ló sọ. Níbi tí X àti T kò bá ti jẹ́ òdo nìkan la ti pín in, a ó sì padà fi ìdáhùn tí a bá rí sínú ìdọ́gba àkọ́kọ́ láti dán an wò.)

Àmì ìyọkúrò yẹn ńkọ́? Aṣọ lásán ni. Ẹ kọ +λ bó bá wù yín, ẹ̀yin náà yóò rí i nígbẹ̀yìn pé λ yín gbọ́dọ̀ kéré sí òdo. Ohun tó fà á ni ìpẹ̀kun méjì tí a so.

Ẹ wò ó báyìí. Bí X''/X bá ju òdo lọ, okùn tó bá ti wà lókè ìlà ìsinmi yóò máa tẹ̀ síhà òkè. Ó kúrò ní òdo ní ọwọ́ òsì, ó ń gòkè, bó sì ti ń gòkè ló ń sá jìnnà sí i. Kò lè padà wá sí òdo ní x = L láéláé. Bí X''/X bá jẹ́ òdo, ìlà tó gún ni, ìlà tó gún láti òdo dé òdo kò sì ju okùn tó dákẹ́ lọ. Nígbà tí X''/X bá kéré sí òdo nìkan ni okùn ń tẹ̀ padà sí ìlà ìsinmi, tó lè lọ kó sì bọ̀. Sáìnì nìyẹn. Kí ó tó lè dé òdo géérégé ní x = L, √λ·L gbọ́dọ̀ jẹ́ nπ:

X_n(x) = sin(nπx/L), n = 1, 2, 3, …

Nínú ìdọ́gba ìgbì nìkan, kò sí ohun tó sọ pé n gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, 2, 3. Ìdè tó wà ní orí àti ìdí okùn ló yan àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ẹ tú ìdè kan, kí ìpẹ̀kun náà lè máa yọ̀ lọ sókè sódò, nọ́ńbà mìíràn ni yóò jáde.

Ti T kò ṣòro mọ́. T'' = −(nπc/L)² T, nítorí náà kọ́sáìnì àti sáìnì àkókò ni, tí ń gbọ̀n ní ìgbà nc/(2L) ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ mú okùn jìtá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 0.65 mítà, tí ìró ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá. c rẹ̀ jẹ́ 2 × 0.65 × 110, ìyẹn mítà 143 ní ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn ìró tó kù jẹ́ 220, 330, 440, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku okùn tí ẹ fi ìka fà. Òótọ́ lẹ sọ, kò rí bíi sáìnì, ṣóńṣó ló yọ láàárín bí òrùlé. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà ìṣirò. D'Alembert ló gbé ìdọ́gba okùn jáde ní 1747. Ní 1753, Daniel Bernoulli ní bí okùn bá ti wù kó gbọ̀n, àkópọ̀ àwọn sáìnì yìí ni. Euler kò gbà, d'Alembert náà kò gbà: báwo ni ohun tó dán bíi sáìnì yóò ṣe para pọ̀ di ṣóńṣó? Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí Fourier fi dé, ní 1807, tó fi iṣẹ́ rẹ̀ lórí ooru hàn pé àkópọ̀ irú rẹ̀ ṣeé ṣe, tó sì sọ bí a ṣe ń wá ìwọ̀n sáìnì kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí a fi lè ro wọ́n pọ̀ ni pé ìdọ́gba náà kò ní ìlọ́po u pẹ̀lú u nínú. Ìdáhùn méjì tí a bá rò pọ̀, ìdáhùn ni. Bí a bá fà á sókè tí a sì jù ú sílẹ̀ láìtì í, kọ́sáìnì nìkan ló kù fún àkókò:

u(x,t) = Σ b_n sin(nπx/L) cos(nπct/L)

Láti rí b_n, ẹ pe ìrísí okùn ní àkókò òdo ní f(x). Ẹ fi sin(nπx/L) sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì ṣe íńtígírà rẹ̀ láti 0 dé L. Gbogbo sáìnì tí n rẹ̀ yàtọ̀ yóò pa ara wọn rẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò kù:

b_n = (2/L) ∫₀ᴸ f(x) sin(nπx/L) dx

Bí ẹ bá fa okùn jìtá wa sókè ní àárín gan-an pẹ̀lú h = 5 milimítà, ìdáhùn rẹ̀ ni b_n = (8h/(n²π²)) sin(nπ/2). b_1 jẹ́ 4.05 milimítà, b_3 jẹ́ −0.45, b_5 jẹ́ 0.16. Òdo ni b_2, òdo ni b_4. Ẹ lè dán an wò ní àárín okùn, níbi tí sáìnì ti n = 3 fúnra rẹ̀ jẹ́ −1: 4.05 + 0.45 + 0.16 jẹ́ 4.66, kò jìnnà sí 5 mọ́, bí ẹ bá sì ń bá a lọ, 5 ni yóò máa sún mọ́. Bí tiyín bá kọjá 5, tàbí tí b_2 bá jáde láti inú rẹ̀, ẹ padà lọ wo àmì yín.

Kí ẹ tó ṣi èyí mú: sáìnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ X ìlọ́po T, ṣùgbọ́n àkópọ̀ wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òrùlé yẹn ì bá kàn máa dínkù, kó sì máa jẹ́ òrùlé síbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Lẹ́yìn 1/880 ìṣẹ́jú àáyá, ṣóńṣó ti pòórá, láti 0.25L dé 0.75L, orí okùn tẹ́ pẹrẹsẹ ní 2.5 milimítà. Ní 1/440, gbogbo rẹ̀ gún lórí ìlà ìsinmi. Ní 1/220, òrùlé ti dojú dé. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń kọsẹ̀ nìyí: wọ́n á fẹ́ fi X kan àti T kan bá ìrísí àkọ́kọ́ mu. Ẹ fi ìpẹ̀kun yan àwọn X ná, ẹ rò wọ́n pọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó béèrè ohun tí okùn jẹ́ ní àkókò òdo.

Etí yín náà lè gbọ́ b_2. Ẹ ta okùn ní àárín, lẹ́yìn náà ẹ ta á ní ìdá kan nínú márùn-ún gígùn rẹ̀ sí ibi tí a so ó mọ́ lára igi jìtá. Ní ti ìkejì, b_2 tó jẹ́ òdo tẹ́lẹ̀ di nǹkan bí 0.40 ìlọ́po b_1, b_3 sì kúrò ní 0.11 bọ́ sí 0.18 (mo fi àmì wọn sílẹ̀). Ìdí nìyẹn tí ìró rẹ̀ fi mú ju ti àárín lọ. Ìkarùn-ún ló wá pòórá, torí pé ibi tí ẹ ti ta á ni sáìnì rẹ̀ ti jẹ́ òdo.

Gòjé ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ọrun rẹ̀ kò jẹ́ kí okùn sinmi, ó ń fà á lọ fà á bọ̀, nítorí náà ìdọ́gba rẹ̀ ní agbára àjèjì nínú. Okùn jìtá gidi pàápàá máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dákẹ́, nígbà tí ti inú ìṣirò wa kì í dákẹ́. Líle wáyà náà sì máa ń jẹ́ kí ìró òkè rẹ̀ ga díẹ̀ ju ìlọ́po 110 lọ. Bí ìpẹ̀kun kan kò bá sì dúró ní òdo, bóyá ẹnì kan so ó mọ́ ibi gíga ju èkejì lọ, ẹ yọ ìlà tó gún láti ìdè kan dé èkejì kúrò lára u ná. Ohun tó bá kù ni kí ẹ yà sọ́tọ̀.