Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀: àwọn ìbéèrè tí kò tíì parí

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Báwo ni kí n ṣe kọ àwọn ìbéèrè tó kù sílẹ̀ fún ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Ẹ má kàn kọ "ó wà lọ́wọ́" o. Ẹ kọ ẹni tó ni ín, ibi tí fáìlì wà, ohun tó dá a dúró, àti ìgbésẹ̀ tó kàn. Bí àpẹẹrẹ:

"Owó ìsinmi awakọ̀. Fáìlì wà lọ́dọ̀ akáwó láti ọjọ́ kẹta oṣù. Kò tíì fọwọ́ sí i torí pé ẹ̀dà ìwé àṣẹ ìsinmi kò sí nínú rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà náà lọ́wọ́ awakọ̀, kí ẹ mú un lọ bá akáwó lọ́jọ́ Ajé."

Ẹ má gbára lé ìwé ìforúkọsílẹ̀ fáìlì nìkan: ó lè ní fáìlì ti jáde, kó sì jẹ́ pé orí tábìlì ló ṣì wà. Ẹ fojú rí ọ̀kọ̀ọ̀kan.