Ògì lásán kò gbé mi dìde lẹ́yìn táífọ́ọ̀dù

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi tọ́jú ọkọ mi fún táífọ́ọ̀dù. Ara rẹ̀ ti tutù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gba oúnjẹ, bó bá sì dìde, òòyì á máa kọ́ ọ. Kí ni kí n máa sè?"

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú. Ó ṣe èmi náà ní Múṣín, ògì ni wọ́n ń fún mi láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, èyí tó ṣàn débi pé mò ń rí ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀pù. Lọ́jọ́ karùn-ún, mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láìjókòó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló yọjú sí kọ́ọ̀pù náà, ó ní, "Omi gbígbóná lẹ̀ ń fún un!"

Ló bá ní kí wọ́n po ògì kó ki díẹ̀, kí wọ́n ro ṣíbí ìjẹun méjì ẹ̀pà yíyan tí wọ́n lọ̀ kúnná mọ́ ọn, àti mílíìkì lẹ́búlẹ́bú. Ìdajì kọ́ọ̀pù ni wọ́n ń fún mi ní wákàtí méjì méjì, torí pé àwo ńlá nìkan ti tó lé mi sá. Ṣùgbọ́n bí sípúrò bá ṣì wà nínú oògùn rẹ̀, ẹ má fi mílíìkì lé e. Kálísíọ́ọ̀mù inú mílíìkì máa ń di oògùn náà mú, ara kò sì ní gbà á tán. Kó lo oògùn ní wákàtí méjì ṣáájú mílíìkì, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀pà nìkan tó nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ni mọ́ínmọ́ín. Ẹ bó èèpo ẹ̀wà náà tán pátápátá, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ má fi ata sí i. Ẹ fi ẹja àrọ̀ bíbọ̀ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ wá fi ewé pọ́n ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ata yẹn, mi ò fi ṣeré. Táífọ́ọ̀dù máa ń dá egbò sí ìfun, ibà á sì ti lọ kí egbò tó jinná. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òórùn ọbẹ̀ aládùúgbò wa bá mi lójijì, mo ní ebi ti dé nìyẹn. Mo jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ata rodo. Ní òru, inú mi ń lọ́ bí okùn, mo ń pariwo orúkọ ìyá mi. Orí ló yọ mí. Bí inú ọkọ yín bá ṣàdédé dùn ún gan-an, tí ikùn rẹ̀ le bí pákó, tàbí tó ya ìgbẹ́ dúdú tàbí ẹ̀jẹ̀, ẹ má fún un ní oúnjẹ kankan mọ́. Ìfun lè ti lu, ilé ìwòsàn ló kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Tí òórùn oúnjẹ bá ń mú kó fẹ́ bì, ẹ máa sè é jìnnà sí yàrá rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́ ló kọ́kọ́ wọlé sí mi lẹ́nu, gbígbóná kò wọlé rárá. Ẹ má jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín náà sùn mọ́jú lórí tábìlì ṣá.