Wàrà sóyà, wàrà óòtì àti ohun tí ẹ̀yìn páálí ń sọ

“Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà kò gbọdọ̀ fẹnu kan wàrà màlúù mọ́, nítorí dókítà ní purotéènì inú rẹ̀ ni ara rẹ̀ ń kọ̀. Ife méjì ló ń mu lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Èwo ni kí n fi rọ́pò rẹ̀ nínú wàrà sóyà àti wàrà óòtì, kí kálísíọ̀mù àti purotéènì má bàa dín kù, kí ṣúgà má sì pọ̀ jù?”

Wàrà sóyà ni èmi yóò mú, bí ara ọmọ náà bá gba sóyà. Kì í sì í ṣe wàrà sóyà èyíkéyìí: èyí tí wọn kò fi ṣúgà sí rárá, tí wọ́n sì ti fi kálísíọ̀mù kún ni. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín nípa sóyà fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ kan tí ara wọn ń kọ wàrà màlúù máa ń kọ sóyà pẹ̀lú. Ọmọ mi obìnrin wà nínú irú ipò yìí láti kékeré, sóyà kò sì bá a jà, nítorí náà ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ẹ̀yìn páálí wàrà bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Purotéènì ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà wàrà méjèèjì ti yà pátápátá. Ife wàrà màlúù kan, tí a bá pè é ní 250 mílílítà, ní purotéènì tó bíi 8 gíráàmù. Wàrà sóyà ní 7 sí 8, nítorí pé ẹ̀wà ni sóyà, ẹ̀wà sì lọ́rọ̀ ní purotéènì. Wàrà óòtì kì í sábà ju 2 tàbí 3 gíráàmù lọ nínú ife kan náà. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀, nítorí pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, óòtì kì í sábà ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, apá tó sì pọ̀ jù lára óòtì yẹn jẹ́ sítáàṣì. Iye nìkan kọ́ ló yàtọ̀ o. Purotéènì sóyà ní gbogbo ẹ̀yà tí ara ènìyàn kò lè ṣe fúnra rẹ̀, ó sì ní wọn ní ìwọ̀n tó dára, nígbà tí ti óòtì kò ní tó nínú ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní láísìnì. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí ẹran dáadáa yóò rí láísìnì níbòmíràn, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ, tó jẹ́ pé wàrà ni ìyá rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé, ni wàrà óòtì lè já kulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ife méjì ti ọmọ yín ṣe ìṣirò náà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń gbà nímọ̀ràn ní Amẹ́ríkà fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ jẹ́ 19 gíráàmù purotéènì àti 1,000 mílígíráàmù kálísíọ̀mù lójúmọ́. Ife wàrà màlúù méjì ń fún un ní bíi 16 gíráàmù purotéènì, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí ara rẹ̀ ń béèrè, àti kálísíọ̀mù 600 mílígíráàmù. Bí ẹ bá fi irú wàrà sóyà tí mo sọ yẹn rọ́pò rẹ̀, purotéènì yóò wà láàárín 14 sí 16, kálísíọ̀mù yóò sì dúró síbi tó wà. Bí ó bá jẹ́ wàrà óòtì tí wọ́n fi kálísíọ̀mù kún ni, kálísíọ̀mù yóò pé, ṣùgbọ́n purotéènì yóò já wálẹ̀ sí bíi 5 gíráàmù. Gíráàmù 11 tó dín yẹn kì í ṣe ohun tí kò ṣeé wá: ẹyin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ní 6, ìdajì ife ẹ̀wà sísè sì ní bíi 7. Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ ni bóyá ọmọ náà yóò jẹ ẹyin àti ẹ̀wà yẹn lójoojúmọ́ ní àfikún sí ohun tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Tèmi kì í jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí sóyà fi jókòó sílé wa.

Ní ti kálísíọ̀mù, ẹ má ṣe béèrè bóyá sóyà ló ní in jù tàbí óòtì. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó ní kálísíọ̀mù tó láti inú irúgbìn rẹ̀ wá. Wàrà sóyà tí wọn kò fi nǹkan kan kún ní bíi 60 mílígíráàmù nínú ife kan, ti óòtì tilẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ti màlúù jẹ́ bíi 300. Ohun tí ilé iṣẹ́ dà sínú rẹ̀ ni ẹ ń rà. Nítorí náà, wàrà tí ẹ bá fúnra yín fi ẹ̀rọ lọ̀ nílé, ì báà jẹ́ sóyà tàbí óòtì, bó ti wù kó mọ́ tó, kò lè gba ipò wàrà màlúù lórí ọ̀rọ̀ eegun ọmọ. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé oògùn àti ajílẹ̀ oníkẹ́míkà kò kan ohun ọ̀gbìn inú wọn. Lára wọn ni ọ̀pọ̀ tí kò ní àfikún kálísíọ̀mù wà. Ní Yúróòpù, òfin ni kò gbà á láàyè: ní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ àjọ ilẹ̀ Yúróòpù dá a lẹ́jọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ fi ewéko inú òkun lílọ̀ pàápàá kún irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ láti fún un ní kálísíọ̀mù. Òǹkàwé tó rò pé èyí tó wọ́n jù ni yóò dára jù fún ọmọ lè tipa bẹ́ẹ̀ gbé èyí tó ṣófo lọ sílé.

Lẹ́yìn páálí, ẹ wá iye mílígíráàmù, kí ẹ sì fi ìdá ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Ìdí ni pé ìdá yìí kì í dúró lórí ìpìlẹ̀ kan náà: ní Amẹ́ríkà, 1,300 mílígíráàmù ni wọ́n fi ń ṣe ọgọ́rùn-ún, ní Yúróòpù 800 ni, páálí kan sì lè máa sọ̀rọ̀ nípa ife kan nígbà tí èkejì ń sọ̀rọ̀ nípa 100 mílílítà. Ohun tí ẹ ń wá jẹ́ 120 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà, tàbí 300 nínú ife kan. Èyí tó bá wà níbẹ̀ bá wàrà màlúù dọ́gba.

Ó dọ́gba lórí ìwé, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kálísíọ̀mù yìí jẹ́ ìyẹ̀fun tí kì í yọ́ sínú omi, ó sì máa ń rọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá mi páálí dáadáa kí ẹ tó dà á, ọmọ lè máa mu wàrà tí kálísíọ̀mù rẹ̀ kéré gan-an sí ohun tí páálí sọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, èyí tó pọ̀ jù yóò sì kù sí ìsàlẹ̀ tí ẹ óò kó dà nù. Ẹ gé páálí tó tán lórí kí ẹ wo inú rẹ̀: bí ìyẹ̀fun funfun bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, mímì náà kò tó. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kò tó fún páálí tó ti dúró pẹ́. Ní ilé wa, ẹni tó bá máa dà á ni yóò kọ́kọ́ yí i dorí kodò, kí ó sì mì í títí ìdí rẹ̀ yóò fi mọ́. Orúkọ ìyẹ̀fun náà wà nínú àkójọ èròjà. Bí ó bá jẹ́ kálísíọ̀mù kábónéètì, ìwádìí fi hàn pé ara ń gbà á láti inú wàrà sóyà bí ó ti ń gbà á láti inú ti màlúù. Kálísíọ̀mù fọ́sífeètì lè dín díẹ̀, ìwádìí kan rí i pé ohun tí ara gbà nínú rẹ̀ jẹ́ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti màlúù. Èmi kò jẹ́ kí ìyẹn dá mi dúró, mo kàn ń mú kábónéètì bí méjèèjì bá wà.

Ṣúgà ni ọ̀rọ̀ tó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Ife wàrà màlúù kan ní bíi 12 gíráàmù ṣúgà, ṣùgbọ́n lákítóòsì tó wà nínú wàrà láti ara màlúù ni, wọn kì í sì í kà á mọ́ ṣúgà àfikún. Wàrà sóyà tí wọn kò fi ṣúgà sí kì í ju bíi gíráàmù kan lọ. Èyí tí wọ́n fi ṣúgà sí, pàápàá tó bá ní adùn fànílà tàbí ṣokoléètì, lè ní 6 sí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ife kan, àfikún sì ni gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

Ti óòtì yàtọ̀. Ẹ lè ka àkójọ èròjà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ má rí ṣúgà níbẹ̀, kí àtẹ náà sì sọ pé ṣúgà 7 gíráàmù wà nínú ife kan. Kì í ṣe irọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, wọ́n máa ń fi ẹ́ńsáìmù sínú óòtì àti omi kí ó má bàa ki bí ẹ̀kọ, ẹ́ńsáìmù yẹn ló sì ń gé sítáàṣì sí wẹ́wẹ́ títí apá kan rẹ̀ fi di ṣúgà tí wọ́n ń pè ní mọ́tóòsì. Ìdí nìyẹn tí wàrà óòtì fi ń dùn láìsí ẹni tó bu ṣúgà sí i. Òfin Amẹ́ríkà ka ṣúgà yìí mọ́ àfikún, nítorí náà ó máa ń hàn lórí ìlà ṣúgà àfikún níbẹ̀. Níbòmíràn ẹ lè bá a pé wọ́n kọ “kò sí ṣúgà àfikún” sí iwájú páálí kan náà. Ìlà àpapọ̀ ṣúgà ni kí ẹ wò fún wàrà óòtì, kí ẹ gbójú fo ọ̀rọ̀ iwájú. Ife méjì tó ní 7 gíráàmù jẹ́ 14, bẹ́ẹ̀ 25 gíráàmù lójúmọ́ ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà ní kí ṣúgà àfikún ọmọdé má kọjá. Ó ti jẹ ju ìdajì lọ kí ọmọ tó fọwọ́ kan bísíkíìtì.

Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń dá yín lóhùn pé kí ẹ ra wàrà màlúù tí wọ́n ti yọ lákítóòsì kúrò. Fún ẹni tí lákítóòsì ń dà nínú rú, ìdáhùn tó dára ni, purotéènì àti kálísíọ̀mù rẹ̀ sì pé. Kì í ṣe fún ọmọ yín, nítorí pé purotéènì màlúù tí ara rẹ̀ ń kọ̀ wà níbẹ̀ digbí.

Bí ọmọ náà bá kọ adùn sóyà, gẹ́gẹ́ bí tèmi ti ṣe níbẹ̀rẹ̀, ẹ pa á pọ̀ mọ́ ti óòtì, ìdajì sí ìdajì, kí méjèèjì jẹ́ èyí tó ní 120 mílígíráàmù kálísíọ̀mù nínú 100 mílílítà. Ife kan àdàlù yìí yóò ní bíi 5 gíráàmù purotéènì, kálísíọ̀mù 300, àti ṣúgà 3 tàbí 4. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń fi sóyà kún un díẹ̀díẹ̀, títí óòtì fi kúrò nínú ife náà.